Oorun ọmọ: ohun tẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ 7

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi ti pé oṣù 8, ó ń jí lóru ṣáá, gbogbo ìgbà tó bá jí ni mò ń fún un lọ́mú. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ni mo fẹ́ máa kọ gan-an?" Ìyá ọmọ kan, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ wá ìwé kékeré kan, ẹ so bírò mọ́ ọn, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ ń sùn, torí téèyàn bá ní tílẹ̀ bá mọ́ lòun máa kọ ọ́, á ti gbàgbé ìdajì. Ojú ìwé kan fún ọjọ́ kan, láti aago 6 àárọ̀ sí 6 àárọ̀ ọjọ́ kejì, kóru má baà gé sí méjì. Tó bá sùn, lóru àti lọ́sàn-án, ẹ kọ aago àti ibi tó ti sùn: ẹ̀yìn ni, bẹ́ẹ̀dì ni, àbí ọmú ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Tó bá jí, ẹ kọ aago àti ohun tó mú un padà sùn. Tó bá kàn kùn díẹ̀ tó tún dákẹ́, ẹ má kà á mọ́ jíjí.

Ti ọmú ni kẹ́ ẹ fojú sí jù. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tó fi mu ún, àti bóyá ẹ gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Ọmọ tébi ń pa á máa gbé e mì kàló kàló, èyí tó kàn ń wá oorun á fà á fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, ojú ẹ̀ á ti pa dé.

Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà ní ọjọ́ 7 yẹn o. Tíná bá lọ tóoru mú, tàbí eyín ń yọ, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá kan tó ń tajà ní Ìgbọ̀nà gbé tiẹ̀ wá fún mi, ó ní ọmọ òun ń jí nígbà 10 lóru, ìwé ní ìgbà 5. Lọ́jọ́ 3 tó pẹ́ lọ́jà, ọmọ sùn lẹ́yìn ẹ̀ láti aago 5 ìrọ̀lẹ́ sí 6:30, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ló tó 10:40 kó tó sùn lálẹ́, àwọn ọjọ́ tó jí kó tó di 4:30, 8:15 ló ti sùn. Nínú ọmú 5 yẹn, ti aago 3 òru nìkan ló mu fún ìṣẹ́jú 12 tó ń gbé e mì, ìyẹn lebi. Àwọn tó kù, ìṣẹ́jú 2, 3. Oorun ọmọdé máa ń fẹ́lẹ́ ní bíi wákàtí kan sí wákàtí kan, tó bá jẹ́ ẹnu ọmú ló ti sùn, á tún wá a.

Oorun ìrọ̀lẹ́ yẹn la kọ́kọ́ tún ṣe, nǹkan kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń yọ ọmú lẹ́nu ẹ̀ lálẹ́ kójú tó pa dé tán, ṣùgbọ́n a ò fọwọ́ kan ti aago 3.

Ẹ tún ro gbogbo oorun ọjọ́ kan pọ̀, lọ́sàn-án lóru, wákàtí 12 sí 16 ló yẹ kó jẹ́ fún ọmọ oṣù 4 sí 12. Ṣùgbọ́n tára ẹ̀ bá gbóná, tí ò tọ̀ bó ṣe ń tọ̀, tó ń han-un tó bá sùn, tàbí tí ò wúwo sí i, ẹ gbé e wá sọ́sibítù, ẹ má dúró de ọjọ́ keje.