Áàpù kan, àkáǹtì méjì: báwo ni mo ṣe máa kó wọn pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sínú áàpù kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn mo ra iPhone, mo gbé áàpù náà sórí rẹ̀, mo wọlé, ó ṣófo. Mo rò pé nǹkan mi ṣì máa padà wá, ni mo bá ń bá iṣẹ́ lọ. Ní báyìí oníbàárà 212 ló wà lórí fóònù àtijọ́, 31 ló wà lórí tuntun, mo sì ti sanwó oṣooṣù lórí tuntun. Báwo ni mo ṣe máa dà wọ́n pọ̀ tí mi ò fi ní pàdánù ìkankan?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ka èyí lọ, ẹ má ṣe jáde kúrò nínú àkáǹtì yín lórí fóònù àtijọ́, ẹ má sì pa àkáǹtì kankan rẹ́. Kò tíì sí ohun tó sọnù. Lára àwọn tó ti wá bá mi lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàdánù nǹkan ló jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa á rẹ́, nítorí wọ́n rò pé èyí tó ṣófo ni àwọn ń pa.

Ó dà bíi pé ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ fi forúkọ sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Lórí fóònù tuntun, ẹ rí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "Continue with Apple" sí, ó sì yá ju kí ẹ máa wá ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ti gbàgbé kiri. Ohun tí bọ́tìnnì yẹn kì í sọ fúnni ni pé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Bí áàpù bá mọ̀ yín, ó ṣílẹ̀kùn fún yín. Bí kò bá mọ̀ yín, ó kọ́ ilé tuntun fún yín lójú ẹsẹ̀, kò sì ní bi yín bóyá ẹ ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ilé tuntun yẹn lẹ ti ń kó ẹrù sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lójú áàpù, ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yín.

Ẹ jẹ́ ká fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ná. Lórí fóònù kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí ojú ewé "Profile" tàbí "Account" nínú áàpù, kí ẹ da ímeèlì tó wà níbẹ̀ kọ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dá àkáǹtì náà sílẹ̀ tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá fi hàn. Lórí ti àtijọ́, ẹ ó rí ímeèlì yín gan-an. Lórí tuntun, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí nǹkan tó jọ `k4m8x2qz7p@privaterelay.appleid.com`. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹnikẹ́ni kò jí àkáǹtì yín. Nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì Apple, ó bi yín bóyá kó fi ímeèlì yín hàn tàbí kó fi pa mọ́. Bí ẹ bá mú "Hide My Email", Apple á hun àdírẹ́sì kan fún áàpù yẹn, lẹ́tà yòówù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ á sì gba ọ̀dọ̀ Apple wá sínú ímeèlì tòótọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí áàpù kò fi lè so yín mọ́ ẹni àtijọ́: àdírẹ́sì méjèèjì kò fi ibì kankan jọra.

Àmọ́ bí ímeèlì kan náà bá tiẹ̀ hàn níbi méjèèjì, kì í ṣe gbogbo áàpù ló máa ń dà wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì nídìí. Ká ní mo mọ ímeèlì yín, mo lè lọ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lónìí, kí n fi ọ̀rọ̀ aṣínà tèmi sí i, kí n wá jókòó máa retí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin bá fi bọ́tìnnì wọlé, bí áàpù bá kàn wo ímeèlì tó sì da àkáǹtì méjèèjì pọ̀, èmi náà ti wà nínú ilé yín nìyẹn. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í dà á pọ̀ àfi bí olúwa rẹ̀ bá kọ́kọ́ fi hàn pé òun ló ni ọ̀nà ìwọlé méjèèjì.

Ìṣòro kejì wà nínú àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dájú pé àwọn oníbàárà kan wà lórí fóònù méjèèjì, nítorí wọ́n padà wá rán aṣọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ẹ sì tún wọn wọ̀n. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ìbàdí ẹnì kan jẹ́ 34 níbi kan, ó jẹ́ 36 níbi kejì. Ẹ̀yin mọ̀ pé ó ti sanra sí i ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ó lè fi 34 borí 36, ó sì lè sọ ẹnì kan di ènìyàn méjì. Nígbà tí mo wà nídìí ìrànlọ́wọ́ oníbàárà ní ilé-iṣẹ́ kan, ẹnìkan nínú wa da àkáǹtì àwọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀, ó rò pé ẹnì kan ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ya wọ́n, a ò sì rí gbogbo rẹ̀ yà tán. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú bíbínú sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń sọ pé àwọn kì í da àkáǹtì pọ̀.

Iṣẹ́ tó kàn ni kí ẹ rí i dájú pé ẹ lè wọ àkáǹtì méjèèjì láìsí fóònù kankan lọ́wọ́. Ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà, bí áàpù náà bá ní ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ yá fóònù mìíràn, kí ẹ gbìyànjú ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́. Bí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀, ẹ tẹ "Forgot password". Mo ní kí ẹ má ṣe é lórí fóònù àtijọ́ torí pé kò gbọdọ̀ jáde títí ẹ ó fi mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ ṣe bákan náà fún tuntun: ẹ kọ àdírẹ́sì gígùn ti Apple yẹn sínú àpótí "Forgot password", bí áàpù náà bá gbà á, lẹ́tà á wá sínú ímeèlì tòótọ́ yín, ẹ ó sì lè fún àkáǹtì náà ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Bí lẹ́tà kò bá dé, ẹ wo "Settings" iPhone, ẹ tẹ orúkọ yín lókè, ẹ wá "Sign in with Apple", ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti pa ìfiránṣẹ́ síwájú.

Èwo wá ni kí ẹ dì mú? Ti àtijọ́ ni. Mo mọ̀ pé orí tuntun lẹ sanwó sí, ṣùgbọ́n owó rọrùn láti gbé ju ìwọ̀n oníbàárà 212 lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà. Ẹ lè kọ báyìí: "Mo ní àkáǹtì méjì lọ́dọ̀ yín. Ti àkọ́kọ́ ni ímeèlì báyìí, ti èkejì ni àdírẹ́sì Apple báyìí. Mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ti èkejì wọ inú ti àkọ́kọ́. Ẹ lè bá mi ṣe é, àbí kí n kó o fúnra mi?" Wọ́n lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì méjèèjì láti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Òṣìṣẹ́ gidi kò nílò rẹ̀.

Bí wọ́n bá ní àwọn kì í ṣe é, ẹ wá "Export", ibi tí wọ́n ti ń kó àkọsílẹ̀ jáde, nínú àkáǹtì méjèèjì. Fáìlì CSV, ìyẹn àkọsílẹ̀ lásán tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà tirẹ̀, ló sábà máa ń jáde. Ti àtijọ́, ẹ kàn tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ni. Ti tuntun lẹ máa ṣiṣẹ́ lé lórí: ẹ kà á kó pé 31, ẹ fi ọwọ́ tún ìwọ̀n àwọn mẹ́sàn-án yẹn kọ sínú àkáǹtì àtijọ́, kí ẹ sì yọ wọ́n kúrò nínú fáìlì náà. Ó ku 22.

Ibi tí wàhálà ti ń wá rèé. Bí ẹ bá tẹ fáìlì CSV lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí nínú Excel, nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo á pàdánù òdo náà, ìwọ̀n tí ẹ kọ bíi 10-12 á sì di ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí ẹ bá wá tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ti bọ́. Ẹ ṣí i nínú áàpù ìkọ̀wé lásán, ẹ yọ ìlà mẹ́sàn-án náà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìlà méjì péré, pẹ̀lú ìlà àkọlé tó wà lókè fáìlì náà, wọ inú àkáǹtì àtijọ́ pẹ̀lú "Import", kí ẹ wo ohun tó jáde. Àwòrán kì í bá CSV rìn, áàpù mìíràn á sì fi ọjọ́ òní sí gbogbo àkọsílẹ̀ tó wọlé. Bí méjì bá wọlé dáadáa, ẹ kó 20 tó kù. Oníbàárà 234 ló yẹ kí ẹ bá níbẹ̀. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 236, àwọn méjì tí ẹ fi dán an wò ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku bọ́tìnnì Apple, torí bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, inú àkáǹtì tuntun ló máa gbé yín padà sí. Ẹ wọ àkáǹtì tuntun, ẹ wá "Connected accounts" tàbí ohun tó jọ ọ́, ẹ tú Apple kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan ni kò ní jẹ́ kí ẹ tì ara yín síta. Ẹ wá wọ ti àtijọ́, kí ẹ so Apple mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbìyànjú láti so ó kí ẹ tó tú u, wọ́n á sọ fún yín pé ó ti wà lára àkáǹtì mìíràn. Inú áàpù gan-an ni kí ẹ ti tú u o. Bí ẹ bá tú u nínú "Settings" iPhone nìkan, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Apple fi ń mọ̀ yín fún áàpù yẹn kò ní yí padà, áàpù á sì ṣì máa fi mú yín lọ sí àkáǹtì tuntun. Bí áàpù kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń tú u, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ náà bá yín tú u.

Ní ti owó, bó bá jẹ́ App Store lẹ gbà san án, Apple ló ń gbowó náà. Ẹ wọ àkáǹtì àtijọ́ lórí iPhone, ẹ tẹ "Restore Purchases". Nínú ọ̀pọ̀ áàpù, àǹfààní tí ẹ sanwó fún á tẹ̀ lé yín síbẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ lé yín, ẹ fi ìwé ẹ̀rí owó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Pípa àkáǹtì rẹ́ kì í dá owó yẹn dúró. "Subscriptions" lábẹ́ orúkọ yín nínú "Settings" ni wọ́n ti ń dá a dúró.

Ẹ fi àkáǹtì tuntun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ máa fi ti àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí fóònù méjèèjì. Bí oníbàárà kan bá dé tí ẹ ò rí ìwọ̀n rẹ̀, ẹ ṣì mọ ibi tí ẹ ó ti wá a.