Fọ́ọ̀mù tó há sínú ODK Collect

“Fọ́ọ̀mù 14 ni mo kọ lóko tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, 9 péré ni ọ̀gá mi rí. Ṣé kí n yọ áàpù náà kí n tún un gbé sórí fóònù?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ o! Orí fóònù yín nìkan ni 5 tó kù wà. Bí ẹ bá yọ áàpù, wọ́n lọ nìyẹn.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ready to send. Ká ní 3 ló wà níbẹ̀, ẹ wọlé, ẹ mú gbogbo wọn, kí ẹ tẹ Send selected. Èyí tó bá lọ yóò bọ́ sínú Sent. Ẹ má bẹ̀rù àtúnrán: fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní instanceID tirẹ̀, òun ni sáfà fi ń mọ èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá 2 yòókù nínú Drafts. Ibẹ̀ ló ti ń dun èmi jù, torí ẹni tó tọ́jú fọ́ọ̀mù láì tẹ Finalize á rò pé ó ti lọ, bẹ́ẹ̀ áàpù kò ní fi í ránṣẹ́ láéláé. Ẹ ṣí i, ẹ dáhùn ìbéèrè tó kù, kí ẹ tẹ Finalize, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí Ready to send.

Ẹ yẹ Auto send wò nínú Settings. Bó bá jẹ́ Wi-Fi only, dátà fóònù kò ní gbé e lọ fúnra rẹ̀.