Bánkírọ́písì ní England: gbèsè tí kì í lọ, àti owó yíyá lẹ́yìn ẹ̀

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, Birmingham ni mo wà. Mo jẹ gbèsè kádì àti lóònù £17,000, owó ìtọ́jú ọmọ £2,300, fáìnì kóòtù £600, lóònù báǹkì kan ṣì wà lọ́rùn mi l'Ékòó. Tí mo bá ṣe bánkírọ́písì, ṣé gbogbo ẹ̀ á parẹ́? Ṣé wọ́n ṣì lè yá mi lówó?"

Ẹ̀gbọ́n, £17,000 yẹn nìkan ló máa lọ. Owó ìtọ́jú ọmọ àti fáìnì kóòtù, £2,900, kò síbi tó ń lọ, ọrùn yín ló máa wà títí tẹ́ẹ fi san án tán, ẹ tètè pè wọ́n kẹ́ẹ jọ ṣètò bí ẹ ó ṣe máa san díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lóònù yunifásítì ibí àti gbèsè tí jìbìtì bá wà nídìí ẹ̀. T'Èkó yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù o, àmọ́ ẹ má fọkàn balẹ̀ sí i, torí láti 2020 ni báǹkì ilé ti lè fa owó lóònù yọ nínú àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN yín. Tẹ́ẹ bá ní ilẹ̀ nílé, ẹ kọ òun náà.

Èmi jẹ ìyá alájọ wa £1,500 nígbà yẹn, ojú ń tì mí, mo bá sá san tiẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ mi rí i nínú sítétímẹ́ǹtì, ó ní mo ṣe ojúsàájú, pé mo san tiẹ̀ ṣáájú tàwọn yòókù tí mo jẹ lówó, ló bá kọ lẹ́tà sí màmá pé kí wọ́n dá a padà. Ìtìjú yẹn ju tàkọ́kọ́ lọ.

Ní ti owó yíyá, lẹ́yìn oṣù 12 ni wọ́n sábà máa ń tú yín sílẹ̀ nínú bánkírọ́písì, tẹ́ẹ bá sì fẹ́ yá £500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìgbà yẹn, dandan ni kẹ́ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ yá yín pé ẹ wà nínú bánkírọ́písì, ẹ̀ṣẹ̀ òfin ni tẹ́ẹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún 6 ni bánkírọ́písì náà máa wà lórí fáìlì kírẹ́díìtì yín, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ni wọ́n ti ń kà á. Tèmi, June 2018, wọ́n tú mi sílẹ̀ June 2019, ó yẹ kí fáìlì mọ́ June 2024. Mo wá yẹ̀ ẹ́ wò, ilé iṣẹ́ kádì kan ti kọ 2020 síwájú gbèsè mi àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí mo kùnà, ìyẹn ni pé á dúró di 2026! Ọjọ́ ìkùnà yẹn kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ bánkírọ́písì fúnra ẹ̀. Mo fi lẹ́tà ìtúsílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n tún un ṣe. Ẹ yẹ gbèsè kọ̀ọ̀kan wò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orúkọ yín nìkan.

Mọ́géèjì ńkọ́? Fọ́ọ̀mù àwọn kan ń béèrè bóyá ẹ ti ṣe bánkírọ́písì rí láyé yín, tó bá tiẹ̀ ti lé lọ́dún 6, ẹ sọ òótọ́ fún wọn.