Kúbùsù ló ń pa gbohùngbohùn, kì í ṣe Noise Reduction

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, fóònù ni mo fi ń gba fọ́ìsì-ofà nínú yàrá mi, ohùn mi sì ń dún bíi pé inú kànga ni mo wà. Mo ti lo Noise Reduction títí, ńṣe ló tún ń burú sí i. Kí ni mò ń ṣì ṣe?"

Haa, èmi náà ti jìyà ẹ̀ o. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 4 péré, mo fa Noise Reduction inú Audacity, áàpù tí mo fi ń tún ohùn ṣe, dé 24 dB, ohùn wá ń dún gbulugbulu bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi dá a padà, ó ní ṣé róbọ́ọ̀tì ló kà á ni.

Ariwo fáànù tàbí fíríìjì máa ń dún bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyẹn ló jẹ́ kí Audacity lè dá a mọ̀ kó sì yọ ọ́. Èyí tó ń dún bíi kànga yẹn, ohùn yín náà ni, ó lọ gbá ògiri ó tún padà wá sínú máìkì, tẹ́ ẹ bá ní kó yọ ọ́, ohùn yín gan-an ló máa gé.

Torí náà yàrá lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó bá ṣì ń dún lẹ́yìn tọ́wọ́ ti kúrò, iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀. Iwájú mi, lẹ́yìn fóònù, ni mo kọ́kọ́ ta kúbùsù sí, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfìgbà tí mo ta òmíì sẹ́yìn ara mi, torí ògiri ẹ̀yìn mi ni máìkì dojú kọ. Kó nípọn o, kó ṣẹ́ po, kó má lẹ̀ mọ́ ògiri. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Tábìlì náà ń dá ohùn padà, ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sí i. (Ariwo ìta ṣá, kúbùsù ò lè dá a dúró, òru ni mo máa ń dúró dè.)

Ẹ tún sún mọ́ fóònù. Nǹkan bí 60 cm ni mo máa ń jìnnà sí i tẹ́lẹ̀, ní báyìí 15 sí 20 cm ni, ẹnu máìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi díẹ̀ kí atẹ́gùn "b" àti "p" má fẹ́ lù ú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Noise Reduction kàn. Ẹ pa fáànù, ẹ dákẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 5 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn lẹ máa yàn, kẹ́ ẹ ṣí Noise Reduction, kẹ́ ẹ tẹ Get Noise Profile, kẹ́ ẹ wá yan gbogbo ohùn tẹ́ ẹ gbà kẹ́ ẹ sì padà sínú Noise Reduction. Níbi iye dB, 6 sí 9 ni mo máa ń fi sí. Kẹ́ ẹ tó tẹ OK, ẹ mú Residue kẹ́ ẹ tẹ Preview, ohun tó fẹ́ yọ nìkan lẹ máa gbọ́: tó bá jẹ́ "ṣiii" lásán, ó ti dáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín níbẹ̀, ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ sì dá a padà sí Reduce. Bí mo ṣe tún iṣẹ́ yẹn kà nìyẹn, 6 ni mo lò, wọ́n gbà á.