Irin tó pọ̀ jù lára: kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà?

Ìbéèrè: Àyẹ̀wò fi hàn pé fẹ́rítìn, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí irin ara ṣe pọ̀ tó hàn, ti dé 1,600 lára ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 46. Wọ́n ní àìsàn irin àjogúnbá ni, wọ́n sì fẹ́ máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé kò sí oògùn ni? Ẹ̀jẹ̀ ò ní tán lára rẹ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Kò ní tán, bí wọ́n bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á. Ara èèyàn ò ní ọ̀nà kankan tó fi ń da irin tó bá pọ̀ jù nù. Èyí tó ń bá ara jáde lójúmọ́ kò ju mílígíráàmù 1 sí 2 lọ, nítorí náà ẹnubodè ìfun nìkan ni ara ti lè dá irin dúró. Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè hẹpisídìn, èròjà tó ń ti ẹnubodè yẹn. Nínú àìsàn yìí, jíìnì HFE tí èèyàn gbà lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá ló ní àbùkù (èyí tí wọ́n ń pè ní C282Y ló wọ́pọ̀ jù), hẹpisídìn kì í sì í tó. Irin á máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gíráàmù 3 sí 4 ló máa ń wà lára àgbàlagbà; lára ẹni tí àìsàn yìí ti pẹ́ lára rẹ̀, ó lè lé ní 20.

Ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ ń gbà. Nígbà tí tíransífẹ́rìn tó ń ru irin nínú ẹ̀jẹ̀ bá ti kún, irin tí kò rí ẹni rù ú á máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á sì máa bí àwọn èròjà tó ń jó sẹ́ẹ̀lì náà láti inú. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá kú sí, àpá ló ń rọ́pò rẹ̀. Kì í sábà dunni, ohun tó sì burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí fẹ́rítìn bá ti kọjá 1,000, ó yẹ kí wọ́n wá àpá. Ti ẹ̀gbọ́n yín ti kọjá ibẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè fún ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó. Bí gbogbo ẹ̀dọ̀ bá ti di àpá, sikánì ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní lẹ́yìn tí irin bá ti lọ, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kó sì jáwọ́ nínú ọtí.

Ní ti ọkàn, ojú ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé láti mú un lù ni irin náà ń gbà wọ inú iṣan rẹ̀. Iṣan náà á kọ́kọ́ le, kò ní lè gba ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Bó bá yá, á fẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Bí ọkàn bá ń lù ségesège, tí ẹsẹ̀ ń wú, tàbí tí èémí ń há bó bá dùbúlẹ̀, kó má dúró de ọjọ́ ìpàdé dókítà.

Ìdí tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ni pé irin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Mílílítà 500 ẹ̀jẹ̀ ń gbé nǹkan bíi mílígíráàmù 250 irin jáde. Láti ṣe ẹ̀jẹ̀ mìíràn dípò rẹ̀, mùdùnmúdùn inú egungun gbọ́dọ̀ wá irin, inú ẹ̀dọ̀ tó ti kó o pamọ́ ló sì ti ń fà á. Ká ní gíráàmù 8 ló lé lára rẹ̀: ìgbà 32 nìyẹn, bíi oṣù mẹ́jọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó tún lè lé díẹ̀ torí pé ìfun ṣì ń gba irin wọlé.

Kó mu omi dáadáa ṣáájú. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn hẹmoglóbìn rẹ̀, èròjà tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Bó bá wà lábẹ́ 12, wọ́n á sún ọjọ́ síwájú tàbí kí wọ́n dín iye tí wọ́n ń fà kù. Bí ojú bá ń kọ́ ọ lẹ́yìn náà, kó dùbúlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Lóṣooṣù ni wọ́n á máa wo fẹ́rítìn, títí yóò fi dé bíi 50. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á rí 280, wọ́n á ní ó ti wọ ìwọ̀n tó dáa, wọ́n á sì dáwọ́ dúró. Irin ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn 50, fífà kan láàárín oṣù 2 sí 4 sábà máa ń tó, ó sì di ti gbogbo ayé rẹ̀.

Oògùn wà: dẹfẹrọsámíìnì àti dẹfẹrasírọ́ọ̀sì ń so mọ́ irin, wọ́n sì ń gbé e jáde. Ṣùgbọ́n dẹfẹrasírọ́ọ̀sì lè ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí náà ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ jù fún fífà, ni wọ́n sábà ń fún lóògùn. Kó má mu oògùn fítámì C, torí ó ń mú kí irin wọlé sí i.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Bí bàbá àti ìyá kan náà ló bí yín, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ẹ ti jogún àbùkù méjèèjì, ó kéré tán. Ẹ ní kí wọ́n yẹ fẹ́rítìn yín wò pẹ̀lú bí tíransífẹ́rìn ṣe kún tó, àti jíìnì HFE. Fẹ́rítìn nìkan ò tó, torí ibà, ìwúlé inú ara àti ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ náà ń gbé e sókè. Bí tíransífẹ́rìn bá kún kọjá ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà yẹn ni kí ẹ fura sí irin.