Tí báǹkì bá kógbá sílé ní Nàìjíríà, èló ló máa padà dé ọwọ́ yín?

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mansẹ́sítà ni mo wà. Owó ilé tí mò ń kọ́ sí Ìkòròdú, mílíọ̀nù 12, inú báǹkì kan ṣoṣo l'Ékòó ni gbogbo ẹ̀ wà. Mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ wà ní séfíńsì ní bíráǹṣì Súrùlérè, èyí tó kù wà ní fíksì ní bíráǹṣì Bróòdù Sítíríìtì. Àbúrò mi ní ìjọba ti dójú tòfò gbogbo ẹ̀, pé tí báǹkì bá tiẹ̀ kú kò sí wàhálà. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó ilé kíkọ́. Àbúrò yín ò purọ́ o, àmọ́ ó fo ibì kan dá nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú owó yẹn, mílíọ̀nù 5 péré ni adójútòfò bò. Mílíọ̀nù 7 tó kù, kì í ṣe pé ó ti wọmi, ìlà míì ló máa lọ tò sí, ìlà yẹn sì gùn gan-an ni, kò sẹ́ni tó lè búra fún yín pé iye báyìí ló máa já sí.

NDIC lorúkọ àjọ tó ń ṣe é, wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti 1989. Àwọn báǹkì fúnra wọn ló ń san owó adójútòfò yẹn fún wọn, wọn kì í yọ ọ́ lára àkáǹtì yín, kò sì sí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa kọ kẹ́ ẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ₦500,000 ni wọ́n fi òpin sí láwọn báǹkì ńlá, oṣù karùn-ún 2024 ni wọ́n gbé e lọ sí mílíọ̀nù 5. Nígbà tí wọ́n kéde ẹ̀, wọ́n ní nínú 100 èèyàn tó ní owó láwọn báǹkì yẹn, bíi 99 ló máa rí gbogbo owó ẹ̀ gbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni "kò sí wàhálà" táwọn èèyàn ń sọ ti wá. Àmọ́ nínú ìkéde yẹn kan náà ni wọ́n ti sọ pé tá a bá kó gbogbo owó tó wà ní báǹkì jọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló wà lábẹ́ ìbòrí yẹn. Ìyẹn ni pé àwọn tí owó wọn kéré, wọ́n bò wọ́n tán, àwọn tí owó wọn wúwo bíi tiyín, apá kan ni wọ́n bò.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń ka mílíọ̀nù 5 yẹn. Èèyàn ni wọ́n ń kà nínú báǹkì kan, wọn kì í ka àkáǹtì, wọn kì í ka bíráǹṣì. Séfíńsì tó wà ní Súrùlérè àti fíksì tó wà ní Bróòdù Sítíríìtì, orúkọ yín kan náà ni, báǹkì kan náà ni, wọ́n á dà á pọ̀ kó di mílíọ̀nù 12, wọ́n á wá gé e ní mílíọ̀nù 5. Tẹ́ ẹ bá tún ní dọ̀mù níbẹ̀, pọ́n-ùn tàbí dọ́là tó wà nínú ẹ̀, náírà ni wọ́n máa sọ ọ́ dà kí wọ́n tó rò ó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì jẹ báǹkì yẹn lówó, ká ní ẹ yá mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tẹ́ ò tíì san, wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbèsè yẹn kúrò, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n máa wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa ṣàlàyé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2024, CBN gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ Heritage Bank, ọjọ́ yẹn náà ni NDIC wọlé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, wọn ò sì ní kéèyàn wá tò. BVN ni wọ́n fi wá àkáǹtì míì tí oníkálukú ní ní báǹkì míì, wọ́n sì san owó ẹ̀ síbẹ̀ tààrà, títí dórí mílíọ̀nù 5. Ká sòótọ́, iṣẹ́ ibẹ̀ yẹn dáa, ẹni tó wà lókè òkun náà rí tiẹ̀ gbà láìwọ bàálù.

Àwọn tí owó wọn ju mílíọ̀nù 5 lọ ńkọ́? Oṣù kẹrin 2025 ni NDIC tó kéde ìpín àkọ́kọ́ fún wọn, bílíọ̀nù 46.6 náírà. Ó pọ̀ létí àbí? Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pín in, kọ́bọ̀ 9.2 ló bọ́ sí lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi owó tiyín rò ó: mílíọ̀nù 7 tó wà lókè òpin, kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kan, ₦644,000 nìyẹn. Ká ní ibẹ̀ lowó yín wà, ẹ ò bá ti gba mílíọ̀nù 5 lóṣù kẹfà, kẹ́ ẹ dúró bí oṣù mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá gba ₦644,000, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦5,644,000 nínú mílíọ̀nù 12. Ìpín àkọ́kọ́ nìyẹn o, òmíràn lè máa tẹ̀ lé e bí wọ́n bá ṣe ń rí owó gbà, àmọ́ síméǹtì ò ní dúró dè yín.

Ìdí tó fi ń pẹ́ ò ṣòro. Mílíọ̀nù 5 yẹn, inú àpò tí NDIC ti kó jọ sílẹ̀ ló ti ń jáde. Èyí tó lé, inú ohun tí báǹkì tó kú yẹn fi sílẹ̀ ló ti máa jáde: ilé ẹ̀, mọ́tò ẹ̀, àga àti tábìlì ẹ̀, pàápàá jù lọ gbèsè táwọn èèyàn jẹ ẹ́. Gbèsè yẹn gan-an tí wọn ò san ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń pa báǹkì, àwọn tí wọ́n máa lọ bá náà nìyẹn, olówó ńlá ni wọ́n, wọ́n ní lọ́yà, ẹjọ́ á sì máa lọ á máa bọ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó pamọ́ lẹ máa ń ṣáájú àwọn tó ta ọjà fún báǹkì, àwọn tó ní ṣíà níbẹ̀ ló máa kẹ́yìn pátápátá.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé nígbà ti Skye Bank ní 2018, kọ́bọ̀ kan ò sọnù. Òótọ́ ni. CBN ò ti ilẹ̀kùn báǹkì yẹn, wọ́n dá Polaris sílẹ̀, gbogbo owó oníbàárà ló bá a lọ síbẹ̀ láìkù síbì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní 2011 fún Afribank, Spring Bank àti Bank PHB. Àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yan èyí tí wọ́n máa ṣe, CBN ló máa yàn, Heritage sì ti jẹ́ ká rí i pé wọ́n lè yan ọ̀nà kejì. Èmi ò ní gbé owó ilé lé ìyẹn.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi ni kí n pín in sí báǹkì mẹ́ta, mílíọ̀nù mẹ́rin mẹ́rin. Báǹkì mẹ́ta ni mo wí o, kì í ṣe bíráǹṣì mẹ́ta. Mo ní mẹ́rin, mi ò ní márùn-ún, torí èlé á máa gun orí ẹ̀, ó dáa kí àyè wà. Ẹ má tìtorí ẹ̀ já fíksì yẹn kó tó pé o, wọ́n á gé lára èlé yín, ẹ kàn kọ̀wé sí wọn báyìí pé tó bá ti pé kí wọ́n má tún un ṣe, kí wọ́n da owó sí séfíńsì, torí ọ̀pọ̀ báǹkì ló jẹ́ pé tẹ́ ò bá sọ nǹkan kan, ṣe ni wọ́n máa yí i lọ fún sáà míì.

Níbi pípín yẹn lẹ ti máa ṣọ́ra fún áàpù. Kuda àti Moniepoint, báǹkì máíkíròfáínánsì ni láísẹ́ńsì wọn, mílíọ̀nù 2 ni òpin tiwọn, kì í ṣe 5. Mobáìlì mọ́nì bíi OPay tún yàtọ̀: owó yín wà nínú àkáǹtì àpapọ̀ ní báǹkì ńlá kan, adójútòfò mílíọ̀nù 5 wà lórí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí báǹkì tó gbé owó yẹn dání bá kú ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe tí iléeṣẹ́ áàpù fúnra ẹ̀ bá wó. Mílíọ̀nù mẹ́rin owó ilé, mi ò ní gbé e síbẹ̀, mi ò sì sọ pé wọn ò dáa fún náwónáwó ojoojúmọ́.

Ẹ tún yẹ ìwé fíksì yẹn wò dáadáa. Nígbà míì ẹni tó ń bójú tó àkáǹtì yín á pè yín pé èlé tó ga wà, ẹ̀yin á rò pé fíksì ni, kẹ́ ẹ wá rí i pé mútúà fọ́ńdì ni tàbí pé owó ti lọ sí iléeṣẹ́ ìdókòwò tó jẹ́ ọmọ ìyá báǹkì yẹn. Ìyẹn ò sí lábẹ́ NDIC rárá, ṣíà náà ò sí. Orúkọ tó wà lókè ìwé lẹ máa fi mọ̀, báǹkì gan-an ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pé òun gba owó yín sí fíksì. Tìrẹ́ṣọ́rì bíìlì náà ò sí lábẹ́ ẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, torí ìjọba àpapọ̀ ló jẹ yín lówó níbẹ̀, kì í ṣe báǹkì. Tí wọ́n bá sì fi jìbìtì wọ àkáǹtì yín nígbà tí báǹkì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ ẹ̀yin àti báǹkì nìyẹn, NDIC ò ní sanwó ẹ̀ fún yín.

Ó ku BVN. Gbogbo ìrọ̀rùn tí mo sọ nípa Heritage yẹn, orí BVN ló dúró lé. Ẹni tí àkáǹtì ẹ̀ ò ní BVN, tàbí tí kò ní àkáǹtì míì níbòmíì, tàbí tí wọ́n ti dè é kí owó má lè jáde, owó ẹ̀ ò bá tàwọn yòókù lọ. Àkáǹtì kejì yẹn gan-an gbọ́dọ̀ lè gba owó ńlá, èyí tó bá jẹ́ ìpele àkọ́kọ́, ₦300,000 ni àpapọ̀ owó ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá, mílíọ̀nù 5 ò lè wọ̀ ọ́. Kí orúkọ yín rí bákan náà ní báǹkì méjèèjì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yí orúkọ padà nítorí ìgbéyàwó lẹ gbọ́ tèmi. Tẹ́ ò bá ní BVN, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wálé mọ́, láti oṣù karùn-ún 2025 ni CBN ti ṣí NRBVN fún ẹni tó wà lókè òkun. Ẹni tí wọn ò bá rí àkáǹtì ẹ̀, fọ́ọ̀mù wà lórí ndic.gov.ng, ọ́fíìsì wọn l'Ékòó sì wà ní 23A Màrínà. Wọn kì í gba owó kí wọ́n tó san tiyín, ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé kẹ́ ẹ san nǹkan tàbí kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà káàdì, ẹ pa fóònù yẹn.

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti wo ìwé yẹn, ẹ bá mi kọ ọjọ́ tí fíksì máa pé síbí, àti orúkọ tó wà lókè ẹ̀ gan-an bó ṣe wà níbẹ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì o.