Bá a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kọ́nfúrẹ́ǹsì di ti jọ́nà

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní kọ́nfúrẹ́ǹsì sílẹ̀, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di apá àbájáde nínú jọ́nà?"

Àbúrò, má kàn jókòó máa tún gbólóhùn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan o, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ní ó ṣì ń dún bíi ìwàásù. Kọ́kọ́ wá gbogbo ibi tó o ti nawọ́ sí nǹkan, "ẹ wo ibí yìí", "bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan", torí ẹni tó ń kà á ò rí sláìdì ẹ.

Ká ní o sọ pé: "Ẹ wò ó, gbogbo àwọn ìyá Bódìjà yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe owó, wọn ò pè é ní Yorùbá mọ́!" Tó bá jẹ́ 18 nínú 24 lo kà, ohun tó máa wọ jọ́nà nìyí: "Gẹ́gẹ́ bí Àtẹ 2 ṣe fi hàn, 18 nínú àwọn oníṣòwò 24 tí a gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà ni wọ́n pe iye owó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì."

Ṣó o rí i pé "gbogbo" ti lọ? "Mọ́" gan-an ni mo sá fún jù, torí ó ń sọ pé wọ́n ti ń pè é ní Yorùbá tẹ́lẹ̀, ìwọ ò sì ṣèwádìí nípa ti tẹ́lẹ̀ yẹn rárá. Lẹ́nu, kò sẹ́ni tó máa mú ẹ. Nínú ìwé, wọ́n á mú ẹ. Níbòmíì tó o bá ti lò ó, "wọn ò" náà á di "wọn kò", ṣùgbọ́n má wá lọ kó ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ táwọn bàbá wa gan-an ò gbọ́ mọ́ síbẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n bi ẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ńkọ́? Tẹ́nìkan bá ti bèèrè bóyá ìwọ lo kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn oníṣòwò yẹn, abẹ́ apá tó ń sọ ọgbọ́n ìwádìí ni kó o ti dá a lóhùn.